Ẹni Tó Ni Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Ọláoyè

Bí ẹ bá pàdé Olújìmí Akínbámi ní New Brighton, àdúgbò kan ní Calgary ní Canada, ẹ ó kí i dáadáa, òun náà á sì fi ẹ̀rín dá yín lóhùn. Ó mọ̀wé, ó mọ àgbà, ó máa ń bá arúgbó òyìnbó tó wà nílé kejì kó snow ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò ní pè é ní ẹranko. Èèyàn ni, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe ẹnjiníà nílé iṣẹ́ epo kan ní downtown. Nígbà tí iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, wọ́n pè é wọ yàrá kan láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2015, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì fún un ní páálí kó kó ẹrù rẹ̀ sí. Òun nìkan kọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ọkùnrin tó gbé páálí lé itan ló kún inú train tó ń lọ sí gúúsù, kò sì sí èyí tó fẹ́ wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà wáṣẹ́wáṣẹ́ títí ó fi sú u. Ìyàwó rẹ̀, Adéfúnmi, nọ́ọ̀sì ni, ọsibítù ńlá tó wà lẹ́bàá Cranston ló ti ń ṣiṣẹ́. Adéfúnmi ló gba fọ́ọ̀mù wá fún un níparí ọdún náà.

"Daddy Ayọ̀, ẹ lọ ṣe practical nursing. Ọdún méjì péré ni. Epo lè tán nílẹ̀, aláìsàn ò ní tán."

Olújìmí wo fọ́ọ̀mù náà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ àná síwájú rẹ̀. Ẹnjiníà, kó máa nu ìdí arúgbó! Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ó sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní oṣù kìíní ọdún 2016, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún.

Kò pé oṣù méjì tó fi kó sí wàhálà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí bí àìsàn ṣe ń ràn láti ara aláìsàn kan sí èkejì. Olújìmí ṣí ìwé tí wọ́n ń lò ní kíláàsì, ó da ìpínrọ̀ méjì kọ láti inú rẹ̀ láìyọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó wá kọ orúkọ ìwé náà sísàlẹ̀ pátápátá. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe dáadáa. Ní yunifásítì tó lọ nílé, tíṣà á ka nóòtì, wọn á kọ ọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò, bí tíṣà ṣe kà á gẹ́lẹ́ ni kí o ṣe dà á padà fún un. Ẹni tó bá lóun ń fi ẹnu ara òun sọ ọ́, agbéraga ni, ó sì máa fìdí rẹmi. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń pe dídà á kọ níbẹ̀.

Ní Calgary, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ka àròkọ náà kí olùkọ́ tó kà á. Ẹ̀rọ yìí a máa fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wé àwọn ìwé àti ìkànnì tó ti wà nílẹ̀, á sì fi àwọ̀ kun ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti bára mu. Nígbà tí Olújìmí rí tirẹ̀, ìpínrọ̀ méjèèjì pọ́n bí ẹyin ojú àparò.

"Mo kọ orúkọ ìwé náà sẹ́yìn nà!" ló sọ fún Brent, olùkọ́ wọn.

Brent ò bínú. Ó ṣàlàyé pé orúkọ ìwé lẹ́yìn nìkan kò tó. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti oníǹkan gẹ́lẹ́, àmì àyọlò gbọ́dọ̀ dè é níwájú àti lẹ́yìn, kí orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ìwé sì wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí o bá tún un sọ lọ́nà tìrẹ, kò sí àmì àyọlò, ṣùgbọ́n orúkọ àti ọdún ò lè má wà níbẹ̀, nítorí èrò náà ṣì jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ó gba òdo, wọ́n sì fún un ní lẹ́tà ìkìlọ̀ tó ń gbé inú fáìlì rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kó jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn: bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà pátápátá.

Nínú ilé Olújìmí fúnra rẹ̀, ní basement, yàrá abẹ́ ilé, ni ẹni tó lè kọ́ ọ ń gbé. Tamílọ́rẹ Adéníjì lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọmọ Ṣakí, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Ìwé àṣẹ ọmọ ilé ìwé ló fi wọlé sí Canada, ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ yẹn ló dì í mú sílẹ̀ òyìnbó. Àwọn tọkọtaya yìí ló gbà á sílé, òun náà sì ń bá wọn lọ mú Ayọ̀mídé, ọmọbìnrin wọn, nílé ìwé, ó ń bá wọn se ọbẹ̀, "Uncle" àti "Auntie" ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Tamílọ́rẹ ló jókòó ti Olújìmí nídìí tábìlì ìjẹun ní Saturday mẹ́rin léraléra. Ẹ ò rí i bí ó ṣe ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má baà dà bí ẹni tó ń kọ́ àgbà lẹ́kọ̀ọ́.

"Uncle, ẹ wò ó. Ẹ kọ́kọ́ ka paragraph yẹn, ẹ wá pa ìwé dé. Ẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún Auntie. Ehn, èyí tí ẹ sọ yẹn ni kí ẹ kọ. Kí ẹ wá fi orúkọ onítọ̀hún àti ọdún sí i."

"Tí mo bá wá fẹ́ràn bí òun ṣe sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ fi quotation marks dè é, kí ẹ kọ page number. Ṣùgbọ́n kó má pọ̀ jù o, Uncle. Tó bá pọ̀ jù, àwọn ló kọ àròkọ yín, kì í ṣe ẹ̀yin."

Olújìmí rẹ́rìn-ín, ó ní òyìnbó ń fi àmì fìyà jẹni. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ. Ó tiẹ̀ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìkàwé ṣe lórí rẹ̀, ó buwọ́ lu ìwé pé òun wá.

Níparí oṣù kẹsàn-án, Brent fún wọn ní àròkọ tó tóbi jù lọ nínú sáà yẹn: ìtọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ìyá Tamílọ́rẹ, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni. Nọ́ọ̀sì Ọláoyè ni gbogbo Ṣakí mọ̀ ọ́n sí, torí orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi gba ìwé ẹ̀rí, kò sì yí i padà nígbà tó lọ́kọ. Ní Sunday, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, Tamílọ́rẹ pè é lórí WhatsApp, obìnrin náà sì sọ ìtàn kan fún un. Lọ́dún kan, iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ̀rọ tó ń mú ara ọmọ móoru kú fin-ín, ọmọ mẹ́ta tí oṣù wọn kò pé sì wà nílẹ̀. Ó ní: "A bọ́ aṣọ ìyá, a bọ́ aṣọ ọmọ, a fi ìró di wọ́n pọ̀ láyà. Ìyá ló di ẹ̀rọ." Ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yè.

Nígbà tí wọ́n parí, Tamílọ́rẹ gbé fóònù gòkè kí Olújìmí lè kí i, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sunday. Màmá ṣàdúrà fún un fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó pè é ní ọmọ òun, ó ní Ọlọ́run á dá a lọ́lá nítorí ọmọ òun tó gbà sílé. Olújìmí ṣe àmín. Kò gbọ́ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ àti ìró.

Lórí ìtàn yẹn ni Tamílọ́rẹ kọ́ àròkọ rẹ̀ lé. Ó wá ìwádìí mẹ́jọ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe nípa fífi ara ọmọ kan ara ìyá, ó tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ, ó sì fi ọ̀rọ̀ màmá rẹ̀ ságbedeméjì, nínú àmì àyọlò: Ṣ. Ọláoyè, ọ̀rọ̀ ẹnu, October 2, 2016. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti bàjẹ́, orí kọ̀ǹpútà Olújìmí ní yàrá ìgbàlejò ló ti tẹ̀ ẹ́. Olújìmí béèrè ìdí tí kò fi kọ orúkọ Nọ́ọ̀sì Ọláoyè sínú àkójọ ìwé tó wà lẹ́yìn.

"Ẹni tó bá ń kà á ò lè rí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ wò, Uncle. Ìwé ni wọ́n lè lọ wá. Torí náà, inú àròkọ nìkan ló máa ń wà: orúkọ onítọ̀hún, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, àti ọjọ́ náà gan-an."

Ọjọ́ kọkànlélógún ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, ọjọ́ Friday. Títí di Thursday, Olújìmí ò tíì kọ ìlà kan. Ẹnìkan ti pè é láti ilé iṣẹ́ epo kan lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní iṣẹ́ lè yọ, ó sì ti fi ọjọ́ mẹ́rin tún ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Iṣẹ́ náà ò yọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Thursday, Tamílọ́rẹ da fáìlì rẹ̀ sórí flash, ó ní òun á tẹ̀ ẹ́ jáde nílé ìkàwé lọ́la kí òun tún un kà kí òun tó fi ránṣẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement. Ẹ̀dà kan ṣẹ́ kù sórí kọ̀ǹpútà.

Olújìmí ṣí i pé òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ọ̀pọ̀ olè ló ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wíwò. Ó yí àkọlé padà, ó tún ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ kọ, ó yọ orúkọ Tamílọ́rẹ, ó fi tirẹ̀ sí i. Ó fẹ́ yọ Nọ́ọ̀sì Ọláoyè náà, ṣùgbọ́n bó ṣe yọ ọ́, gbogbo àròkọ náà wó lulẹ̀, ó bá dá a padà. Ó rò ó pé èèyàn ọgọ́rin ló wà ní kíláàsì, Brent ò ní rántí èwo ló jọ èwo. Ó fi ránṣẹ́, ó lọ jẹun.

Ẹ̀rọ kò rí ẹ̀sùn kankan nínú tirẹ̀, àfi àwọn àyọlò àti àkójọ ìwé tí ẹ̀rọ fi àwọ̀ kùn bó ṣe máa ń ṣe. Ti Tamílọ́rẹ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Olújìmí kò mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn máa ń pa iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn mọ́, tó sì ń fi tuntun wé é. Ìdá mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ Tamílọ́rẹ ló bá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn mu. Ẹni tó ni ín ló di olè.

Ọ̀dọ̀ Olújìmí náà ni ọmọ yìí sá wá. Ẹ gbọ́ ná, ọ̀dọ̀ Olújìmí! Ó dúró nínú kíṣìnì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Uncle, ẹnìkan ti jí paper mi fi ránṣẹ́. Wọ́n ní èmi ni mo copy. Uncle, ta ló lè ṣe irú èyí?"

"Fara balẹ̀," ni Olújìmí wí. "Bóyá o gbàgbé flash rẹ síbì kan."

Ó bá a wá flash náà nínú báàgì rẹ̀. Ó bá a wá a o, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ní Monday, Brent kọ̀wé sí àwọn méjèèjì, ó dárúkọ méjèèjì, ó ní kí wọ́n wá rí Ìyáàfin Kowalchuk tó ń bójú tó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lọ́jọ́ Tuesday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí Tamílọ́rẹ ṣe kà á tán, kò pariwo. Ó gòkè wá, ó kúnlẹ̀ síwájú Olújìmí tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sáà sọ fún wọn pé àṣìṣe ni. Ẹ ní ẹ gbé file tí kì í ṣe tiyín."

Olújìmí pa tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ rèé, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, nítorí kò burú létí bí ẹ bá gbọ́ ọ níkánkán: ẹjọ́ àkọ́kọ́ Tamílọ́rẹ nìyí, ìkìlọ̀ lásán ni wọ́n máa fún un. Òun ti ní ọ̀kan nílẹ̀. Bí òun bá jẹ́wọ́, òun ti lọ nìyẹn, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Kí ọmọdé bá àgbà ru díẹ̀ nínú ẹrù, ṣé nǹkan bàbàrà ni?

"Dìde," ló wí. "Ìkìlọ̀ ni wọ́n máa fún ẹ. Ìkìlọ̀ ò pa èèyàn. Wọ́n fún èmi náà, mo kú?"

"Uncle, èmi ni mo kọ ọ́."

"Nínú ilé ta lo ti kọ ọ́? Lórí kọ̀ǹpútà ta?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbọ́ òwe náà láti kékeré, mi ò gbọ́ rí pé àgbà yẹn gan-an lè jẹ́ ẹni tó wọ́ ọ.

Adéfúnmi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Nígbà tí ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè: "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?" Olújìmí tún tan tẹlifíṣọ̀n. Adéfúnmi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Kò tún béèrè mọ́ láyé. Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́ náà jẹ nínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ohun tí Olújìmí ṣe ní Sunday tó ṣáájú ìjókòó yẹn ni mi ò lè dárí jì í. Ó mọ̀ pé Tamílọ́rẹ kò tíì sọ fún màmá rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá obìnrin náà jà. Ó gba inú gáréèjì lọ, ó pe Ṣakí.

"Mummy, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n lè pè yín láti school wa. Nípa ìtàn àwọn ọmọ tí ẹ fi ìró dì yẹn ni. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ ẹ́ kẹ̀! Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Mummy. Ẹ sáà má fi mí ṣe àjèjì. Tí ẹ bá fi mí ṣe àjèjì, wọ́n á lé mi. Ẹ má sì dá Tamílọ́rẹ lọ́kàn rú, ó ń kàwé ìdánwò."

"Àjèjì báwo? Ìwọ tí o gbà mí lọ́mọ? Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, ọmọ mi."

Ní Tuesday, Olújìmí gba aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó wọ kóòtù tó fi ń lọ downtown tẹ́lẹ̀. Ìyáàfin Kowalchuk, obìnrin onírun funfun tí ohùn rẹ̀ tutù, gbé àròkọ méjèèjì kalẹ̀. Ó ní òun rí ìkìlọ̀ àtijọ́ nínú fáìlì Olújìmí. Olújìmí tẹrí ba. Ó ní òótọ́ ni, ojú sì ti òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi lọ kọ́ ọ, ó mú ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ilé ìkàwé jáde. Obìnrin náà bi í pé kí ló dé tí Ṣ. Ọláoyè kò fi sí nínú àkójọ ìwé.

"Ẹni tó bá ń kà á ò lè rí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ wò," ni Olújìmí fi èdè òyìnbó wí. "Ìwé ni wọ́n lè lọ wá. Torí náà, inú àròkọ nìkan ló máa ń wà: orúkọ onítọ̀hún, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, àti ọjọ́ náà gan-an."

Ìyáàfin Kowalchuk kọ ọ́ sílẹ̀. Olújìmí fún un ní nọ́ńbà Ṣakí láìjẹ́ pé ó béèrè.

Aago méjì ni Tamílọ́rẹ wọlé. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà ló fún wọn, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, nítorí tirẹ̀ ni. Ìyáàfin Kowalchuk wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó sì gbé ojú sókè wò ó bí ẹni tó ti gbọ́ orin yẹn láàárọ̀. Tamílọ́rẹ kó àwọn ìwádìí tó tẹ̀ jáde sílẹ̀, èyí tó fi ìlà sí lábẹ́. Wọ́n ní ìgbàkúgbà lèèyàn lè tẹ irú ìyẹn jáde. Wọ́n fi hàn án pé kọ̀ǹpútà máa ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú fáìlì tí wọ́n bá fi ṣe, pé nínú fáìlì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́ pàápàá, orúkọ Olújìmí Akínbámi ló wà níbi òǹkọ̀wé.

"Ilé wọn ni mò ń gbé," ni ọmọ náà ń wí. "Computer wọn ni. Ẹ pe màmá mi! Nọ́ọ̀sì Ọláoyè ni màmá tó bí mi!"

Wọ́n ní àwọn á pè é láàárọ̀ ọ̀la, kó má bá a sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, kó má baà dà bíi pé ó kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Tamílọ́rẹ gbà. Ó pa fóònù rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ọmọ tó ń bẹ̀rù òfin.

Ìpè yẹn kò pẹ́. Ìyáàfin Kowalchuk béèrè bóyá màmá mọ Olújìmí Akínbámi.

"Jìmí! Ọmọ mi ni."

Ó béèrè bóyá Tamílọ́rẹ Adéníjì náà jẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Àwọn méjèèjì. Ọmọ mi làwọn méjèèjì."

Ó béèrè ẹni tó sọ ìtàn ọjọ́ mọ́kànlá yẹn fún.

"Mo sọ fún Jìmí àti Tamílọ́rẹ."

Ṣé Jìmí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún?

"Ehn, Jìmí ni. Òun ni ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ìyá gidi nílẹ̀ wa tó máa sọ lójú àlejò pé èyí ni mo bí, èyí kọ́ ni mo bí. Kò sì sẹ́ni tó máa dárúkọ àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ìwà ọmọlúàbí ni obìnrin náà hù, ìwà yẹn ni Olújìmí sì mú bí ọ̀bẹ. Ìyáàfin Kowalchuk kò ṣe èrú. Ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́, nínú àmì àyọlò, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Ìdájọ́ jáde lọ́jọ́ kẹrin. Ìkìlọ̀ kọ́ ni wọ́n fún Tamílọ́rẹ. Wọ́n ní jíjí iṣẹ́ ẹlòmíràn burú, ṣùgbọ́n pé ó tún tẹnu mọ́ irọ́, ó ní ìyá òun nìkan ni obìnrin tó fẹnu ara rẹ̀ pe àwọn méjèèjì ní ọmọ, ìyẹn ló mú un wúwo. Ọdún kan ni wọ́n fi lé e kúrò nílé ìwé. Ẹni tí wọ́n sì torí ìwé jẹ́ kó wọ̀lú, tí kò ka ìwé mọ́, ẹ mọ ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ náà ni Olújìmí sọ fún un pé yóò dára kó wá ibòmíràn gbé, nítorí Ayọ̀mídé ti ń béèrè ìbéèrè. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Látífàt, nọ́ọ̀sì ní Okotoks, wá fi ọkọ̀ gbé e. Báàgì méjì ló ní. Adéfúnmi di oúnjẹ sínú ike fún un, ọmọ náà gbà á, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó padà sí Ṣakí ní oṣù kejìlá. Ọ̀nà yẹn ni Nọ́ọ̀sì Ọláoyè gbà mọ̀ pé ẹnu òun ni wọ́n fi lé ọmọ òun.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pe Olújìmí, ní gbogbo Sunday. Olújìmí kò gbé e. Màmá wá fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Olújìmí ò tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Kò sì pa á rẹ́, nítorí ẹ̀rù ń bà á láti fọwọ́ kàn án.

Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé. Brent ní kí Olújìmí wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n rí ọkùnrin tó gba ìkìlọ̀ ní sáà àkọ́kọ́, tó wá kọ àròkọ tó dára jù lọ ní kíláàsì. Wọ́n gbé àròkọ náà sójú pátákó ńlá. Olújìmí dúró níwájú wọn, ó sì kọ́ wọn dáadáa, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn: ibi tí àmì àyọlò ń dúró, ìgbà tí ojú ìwé ṣe pàtàkì, ìdí tí títún un sọ kò fi ní kí èèyàn má dárúkọ ẹni tó ni èrò. Ó fọwọ́ sí ibi tí wọ́n kọ Ṣ. Ọláoyè sí, ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè ní èdè òyìnbó: ìyá ló di ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn.

Ọmọbìnrin kan nínú wọn, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí síbí, nawọ́ sókè. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn wọ òun lára, òun náà fẹ́ lò ó nínú àròkọ òun, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu oníǹkan kí òun tó kọ ọ́. Ta ni obìnrin náà jẹ́ sí Olújìmí? Ṣé òun lè rí nọ́ńbà rẹ̀?

"Ìyá mi ni," ni Olújìmí wí. Ojú ọmọ náà ṣì ń wò ó, bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti kú."

Gbogbo kíláàsì ṣe pẹ̀lẹ́. Brent na ọwọ́ lé e léjìká, ó ní òun bá a kẹ́dùn. Olújìmí tẹrí ba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.